Bí A Ṣe Ń Ya Àtò Ojú Ewé Ìkànnì fún Ṣọ́ọ̀bù Aṣọ Òkè ní Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan ní ṣọ́ọ̀bù ní òpópónà Fọlágbádé ní Ìjẹ̀bú-Òde. Aṣọ òkè ló ń tà, ó sì ní télọ̀ mẹ́rin tó ń bá a rán agbádá, bùbá àti ìró. Nígbà tó ní òun fẹ́ ìkànnì, ẹni àkọ́kọ́ tó gba iṣẹ́ náà bi í pé, "Mà, ojú ewé mélòó lẹ fẹ́?" Ó ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹni náà ṣe mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fún un. Méje nínú wọn ṣófo títí ọdún fi yípo. Ẹni tó sì fẹ́ mọ iye tí ẹgbẹ́ òun máa san á tẹ ibí, á tẹ ọ̀hún, kó tó wá rí i pé kò sí níbì kankan.

Lẹ́ẹ̀kejì, èmi àti òun jọ jókòó ti bébà àti pẹ́ńsùlù kí a tó pe ẹnikẹ́ni. Ohun tí a ṣe ni mo fẹ́ tò sílẹ̀ níbí, nítorí ẹni tó bá ní òwò kékeré lè fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é kó tó san kọ́bọ̀ fún ẹni tó máa kọ́ ìkànnì.

Àtò ojú ewé jẹ́ àwòrán orí bébà kan ṣoṣo. Òun ló ń fi hàn wá pé ojú ewé báyìí-báyìí ló máa wà lórí ìkànnì, èyí wà lábẹ́ ìyẹn, ibi báyìí lèèyàn sì máa gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Kò sọ àwọ̀ tàbí irú lẹ́tà tí a máa lò, ìyẹn iṣẹ́ ọjọ́ mìíràn. Ẹ má sì jẹ́ kó dàrú mọ́ yín lójú pẹ̀lú fáìlì tí wọ́n ń pè ní `sitemap.xml`. Fáìlì yẹn wà fún ẹ̀rọ ìwákiri bíi Gúgù, ohun èlò tí wọ́n fi ń kọ́ ìkànnì sì sábà máa ń ṣe é fúnra rẹ̀. Tiwa yìí, èèyàn ló wà fún.

Ẹ kó ìbéèrè jọ kí ẹ tó ya ohunkóhun

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kéèyàn mú báírò, kó kọ "Nípa Wa, Ìran Wa, Iṣẹ́ Wa, Ẹ Kàn Sí Wa", nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe rí i lórí ìkànnì ẹlòmíràn. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Ẹ ṣí Wọ́sáàpù ṣọ́ọ̀bù yín, kí ẹ wá ogójì ìbéèrè tó dé gbẹ̀yìn lọ́wọ́ àwọn tí kò tíì san owó. Ẹni tó ti san owó, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ti yàtọ̀. Ẹ gé fúlísíkáàpù sí mẹ́jọ-mẹ́jọ, kí ẹ kọ ìbéèrè kan sórí bébà kékeré kan. Bí oníbàárà ṣe sọ ọ́ gan-an ni kí ẹ kọ ọ́, ẹ má tún un ṣe. Bí ìbéèrè kan bá tún wáyé, ẹ má kọ bébà tuntun, ẹ fa ìlà kékeré sórí èyí tó wà nílẹ̀.

Ogójì tí a kó jọ di bébà mọ́kàndínlógún. Àwọn tí ìlà pọ̀ lórí wọn jù rèé: "Èló ni tí a bá tó ọgọ́ta?" "Ṣé ó lè yá kó tó di Iléyá?" "Èkó ni mo wà, báwo lẹ ṣe máa wọn mí?" "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àwòrán èyí tí ẹ ti rán rí ránṣẹ́." Kò sí ẹnì kan ṣoṣo tó béèrè ìtàn ilé iṣẹ́ náà, bẹ́ẹ̀ ojú ewé mẹ́ta ni ìkànnì àkọ́kọ́ fi ṣe ìtàn. Ẹ̀gbọ́n mi dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀ nígbà tó rí i.

Ẹ jẹ́ kí oníbàárà ló pín in

Ibí yìí ni iṣẹ́ náà wà gan-an, ẹ má kánjú lórí rẹ̀.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi fọwọ́ ara rẹ̀ pín bébà mọ́kàndínlógún náà, ó pín wọn sí sányán, ẹtù, àlàárì, àti àwọn tuntun tó ń dán. Kò yà mí lẹ́nu. Bí pákó inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ṣe tò nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ló sì ṣe ń ra ọjà lọ́wọ́ àwọn ahunṣọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló máa lo ìkànnì yìí.

A wá pe oníbàárà mẹ́rin, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ má pè wọ́n pọ̀ o, nítorí ẹni tó gbọ́n lẹ́nu jù ló máa pín in fún gbogbo wọn. Ọmọge kan tó ń múra ìyàwó wà níbẹ̀, àti bàbá kan tó jẹ́ akọ̀wé rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ rẹ̀, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ojúgbà rẹ̀, ìyá kan tó ń ra gèlè nìkan, àti ọkùnrin kan tó fẹ́ sin bàbá rẹ̀. A kó bébà náà lé wọn lọ́wọ́, a ní, "Ẹ kó àwọn tó bá ara wọn tan pọ̀, kí ẹ sì sọ òkìtì kọ̀ọ̀kan lórúkọ." Lẹ́yìn náà, a pa ẹnu wa mọ́.

Àwọn mẹ́ta nínú wọn fi ìnáwó pín in: ti Ojúde Ọba lọ́tọ̀, ti ìgbéyàwó lọ́tọ̀, ti ìsìnkú lọ́tọ̀. Ọmọge yẹn ní òun ò mọ sányán yàtọ̀ sí àlàárì, ohun tí òun mọ̀ ni pé oṣù Kejìlá ni ìgbéyàwó òun. Bàbá akọ̀wé ló sọ ohun tí kò sí lọ́kàn wa rárá. Ó kó gbogbo bébà tó jẹ mọ́ iye, àsansílẹ̀ àti ọjọ́ gbígba aṣọ jọ, ó ní, "Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ aṣọ, ọ̀rọ̀ owó ẹgbẹ́ ni." Òótọ́ ni. Ẹni tó ń ra aṣọ fún ara rẹ̀ nìkan àti ẹni tó ń kó owó jọ lọ́wọ́ ọgọ́ta èèyàn, tó tún gbọ́dọ̀ kó ìwọ̀n ara gbogbo wọn wá, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà rà kò jọra.

Nítorí náà, ọ̀nà mẹ́ta ló wà tí a lè gbà to ìkànnì náà: kí a tò ó nípa irú aṣọ, nípa ìnáwó, tàbí nípa ẹni tó ń rà. Ìlà kan, ìyẹn àwọn ojú ewé tó wà ní ipele kan náà, kò gbọ́dọ̀ ní ju ọ̀nà kan lọ. Ẹ wo bí a ṣe ń mọ̀ pé a ti dà á pọ̀: bí "Agbádá", "Ìgbéyàwó" àti "Aṣọ Ọkùnrin" bá wà nínú ìlà kan náà, ọkọ ìyàwó tó ń wá agbádá á dúró sí oríta mẹ́ta, gbogbo rẹ̀ á jọ pé òun ló yẹ kí òun tẹ̀. Bí ẹ bá rí i pé ẹnì kan lè fi ẹ̀tọ́ wọ àpótí méjì nínú ìlà kan, àpótí kan ń bẹ tí kì í ṣe ti ìlà yẹn.

Ìnáwó la yàn láti fi pín aṣọ. Ọ̀nà tí a ń gbà rà di ẹ̀ka mìíràn lọ́tọ̀, kò wọ àárín àwọn ìnáwó. Bí a bá fi "Aṣọ Ẹgbẹ́" sí ẹ̀gbẹ́ "Ojúde Ọba", níbo ni akọ̀wé rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ máa tẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé Ojúde Ọba gan-an ni ẹgbẹ́ rẹ̀ ń rà á sí?

Èwo ló tó ojú ewé, èwo ni kò tó?

Kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ ló yẹ kó ní ojú ewé tirẹ̀. Ohun tí mo fi ń dán an wò ni èyí: bí ẹnì kan bá béèrè ọ̀rọ̀ yìí nìkan lórí Wọ́sáàpù, ṣé mo lè fi lìǹkì ojú ewé yìí ránṣẹ́ sí i, kó má sì tún ní ohun tó máa béèrè mọ́? Bó bá lè rí bẹ́ẹ̀, ojú ewé ni. Bí kò bá lè rí bẹ́ẹ̀, ìpín kan lórí ojú ewé mìíràn ni.

Gèlè àti fìlà kò yege. Ìbéèrè méjì péré ló wà lórí wọn, ìdáhùn rẹ̀ kò sì ju gbólóhùn mẹ́ta lọ, nítorí náà wọ́n di ìpín lábẹ́ ìnáwó kọ̀ọ̀kan. "Ẹ wọn ara yín láti ilé" yege dáadáa, torí pé àwòrán àti àlàyé rẹ̀ pọ̀, àwọn ará Èkó sì ń béèrè rẹ̀ lójoojúmọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ ojú ewé kan fún iye owó nìkan. Mo ní rárá. Kò sẹ́ni tó béèrè iye láì sọ ohun tó fẹ́ fi aṣọ ṣe, iye sì ń yí padà bí owó òwú bá ti ń yí. A kọ "ó bẹ̀rẹ̀ láti" sórí ojú ewé ìnáwó kọ̀ọ̀kan. Nọ́ńbà fóònù náà kò nílò ojú ewé, ìsàlẹ̀ gbogbo ojú ewé ni ó máa wà.

Yíya rẹ̀ sórí bébà

Ẹ dá bébà náà dùbúlẹ̀ kó fẹ̀. Ẹ ya àpótí kan sókè láàárín, ojú ewé àkọ́kọ́ nìyẹn, nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ òdo. Ìlà kejì ni àwọn tó máa hàn nínú mẹ́nù. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ju mẹ́fà lọ fún òwò kékeré, torí orí fóònù ni ọ̀pọ̀ máa ti wò ó, mẹ́nù tó gùn á sì kọjá ojú fóònù. Ìlà kẹta ni àwọn ọmọ wọn. Bí ẹ bá rí i pé ẹ fẹ́ ya ìlà kẹrin, ẹ padà lọ wò ó bóyá kì í ṣe ìpín lẹ sọ di ojú ewé. Pẹ́ńsùlù ni kí ẹ lò, ẹ má lo báírò.

Bí tiwa ṣe rí nígbà tó parí nìyí:

```
0    Ojú ewé àkọ́kọ́
1    Aṣọ fún ìnáwó yín
1.1  Ojúde Ọba
1.2  Ìgbéyàwó
1.3  Ìsìnkú àgbà
2    Bí ẹ ṣe máa ra
2.1  Ẹ̀yin tí ẹ pọ̀: ẹgbẹ́ tàbí ẹbí
2.2  Ẹ wọn ara yín láti ilé
3    Aṣọ tí a ti rán
4    Ṣọ́ọ̀bù wa
```

Mẹ́wàá ni gbogbo rẹ̀. Ìtàn tó gba ojú ewé mẹ́ta tẹ́lẹ̀ di ìpín kan lórí ojú ewé 4, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tí èèyàn máa gbà dé Fọlágbádé.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ohun méjì: ìbéèrè tí ojú ewé náà ń dáhùn, àti ohun tí ẹ fẹ́ kí òǹkàwé ṣe lẹ́yìn tó bá kà á tán. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ 2.1, a kọ pé, "Èló ni tí a bá tó ọgọ́ta, ìgbà wo ni a máa san?" àti "Kó fi iye èèyàn àti ọjọ́ ìnáwó ránṣẹ́." Àpótí tí ẹ kò bá rí ìbéèrè kọ sí lára nínú bébà kékeré yín, ẹ fi ìrésà pa á rẹ́. Ibí yìí ni ojú ewé tó máa ṣófo ti ń hàn, oṣù mẹ́fà ṣáájú ìgbà tí ẹ bá máa fi "ń bọ̀ láìpẹ́" bò ó.

Ìlà gbọọrọ ni a fi ń so òbí mọ́ ọmọ. Ọmọ kan, òbí kan. Bí nǹkan kan bá wúlò níbi méjì, ẹ má yà á lẹ́ẹ̀mejì, nítorí bí iye bá yí padà, ẹ ó tún ọ̀kan ṣe, ẹ ó gbàgbé èkejì. Ẹ fún un ní ilé kan, kí ẹ wá fi ìlà ẹlẹ́sẹẹsẹ tó ń já láàárín so ó mọ́ ibi kejì, ìyẹn lìǹkì. Láti 1.1, Ojúde Ọba, ìlà ẹlẹ́sẹẹsẹ lọ sí 2.1. Láti 2.1, òmíràn lọ sí 2.2. Irú aṣọ tí ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ràn, sányán, ẹtù àti àlàárì, kò sọnù. Orúkọ wọn wà lábẹ́ àwòrán kọ̀ọ̀kan lórí ojú ewé 3, ẹni tó bá mọ̀ wọ́n á rí wọn.

Kí ẹ tó fi bébà sílẹ̀, ẹ fi ìka tẹ àpótí kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì tọ ìlà rẹ̀ padà dé òdo. Èyí tí ìka yín kò bá rí ọ̀nà gbà padà, ojú ewé ọmọ òrukàn ni: ó wà lórí ìkànnì, ṣùgbọ́n kò sí lìǹkì tó gbé èèyàn lọ síbẹ̀. Ti 2.2 ṣe bẹ́ẹ̀ sí wa. Ẹ̀gbẹ́ bébà ni a kọ ọ́ sí nígbà tí a rántí rẹ̀, a kò sì so ó mọ́ ohunkóhun.

Orúkọ, àti ohun tí a ń tẹ̀ sí fóònù

Ìkànnì àkọ́kọ́ ní "Iṣẹ́ Wa" nínú mẹ́nù. Ní èdè wa, ọ̀rọ̀ yìí lè jẹ́ ohun tí à ń ṣe, ó lè jẹ́ ohun tí a ti ṣe, ẹni tó ń wá iṣẹ́ pàápàá lè rò pé tòun ni. Nítorí náà la ṣe kọ "Aṣọ tí a ti rán". Ó gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa ṣì í mú. Bí orúkọ kúkúrú bá ní ìtumọ̀ méjì, ẹ gba èyí tó gùn.

Ojú ewé kọ̀ọ̀kan tún ní adírẹ́sì, ẹ kọ ọ́ sábẹ́ àpótí rẹ̀ nísinsìnyí. Inú mẹ́nù àti orí ojú ewé, ẹ fi àmì ohùn sí i bó ṣe yẹ. Nínú adírẹ́sì, ẹ yọ ọ́. Bí adírẹ́sì bá jẹ́ `/ìgbéyàwó`, nígbà tí ẹnì kan bá dà á kọ láti orí ìkànnì sínú Wọ́sáàpù, ó lè jáde báyìí:

```
/%C3%ACgb%C3%A9y%C3%A0w%C3%B3
```

Ẹni tí wọ́n fi irú èyí ránṣẹ́ sí á rò pé àwọn oníjìbìtì ni. `/igbeyawo` ló dára. Lẹ́tà kékeré ni kí gbogbo rẹ̀ jẹ́, kí ẹ sì fi àmì `-` sáàárín ọ̀rọ̀ méjì, bíi `/ojude-oba`.

Ẹ má fi ọdún sínú adírẹ́sì. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba, Iléyá sì ń fi bí ọjọ́ mọ́kànlá tètè dé ju ti ọdún tó kọjá lọ nínú kàlẹ́ńdà tí à ń lò. Ní 2024, ọjọ́ 18 oṣù Kẹfà ló bọ́ sí, ní 2025, ọjọ́ 8 oṣù Kẹfà. Bí ẹ bá ṣe `/ojude-oba-2025`, lọ́dún tó tẹ̀lé e ẹ ó ní láti ṣe òmíràn, lìǹkì tí àwọn akọ̀wé ẹgbẹ́ ti pín fún ara wọn á sì máa gbé èèyàn lọ sí aṣọ àná. Adírẹ́sì kan ṣoṣo ló yẹ kó wà, ohun tó wà lórí rẹ̀ ni kó máa yí padà: ọjọ́ tí a máa dáwọ́ gbígba iṣẹ́ dúró, àwòrán ọdún tó kọjá, iye tuntun.

Ẹ dán an wò kó tó di owó

Ẹ wá èèyàn márùn-ún tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí ẹ ń pín bébà. Ẹ kọ mẹ́nù mẹ́rin náà sórí bébà kan, láìsí àwòrán, láìsí àlàyé. Ẹ wá gbé iṣẹ́ lé wọn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹ má lo ọ̀rọ̀ tó wà nínú mẹ́nù. Bí ẹ bá sọ pé "níbo lẹ ti máa rí aṣọ tí a ti rán", ẹ ti sọ ìdáhùn. A sọ báyìí pé, "Mà, àwọn ará rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ Gbọ́baníyì yàn yín pé kí ẹ lọ bá wọn wádìí. Ọgọ́rin lẹ jẹ́. Ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ lè sanwó lẹ́ẹ̀mejì. Níbo lẹ máa tẹ̀?" Nígbà tí wọ́n bá fọwọ́ tọ́ka, ẹ ṣí bébà àwọn ọmọ ẹ̀ka yẹn, kí ẹ tún béèrè. Ibi tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ ni kí ẹ kọ sílẹ̀, pẹ̀lú ohun tí wọ́n sọ nígbà tí wọ́n ń ṣiyèméjì.

Ẹnì kan tó ṣìnà kò fi dandan túmọ̀ sí nǹkan. Ṣùgbọ́n bí méjì tàbí mẹ́ta nínú márùn-ún bá ṣìnà lọ sí ibì kan náà, orúkọ ló ní ẹ̀bi tàbí ipò. Mẹ́ta nínú àwọn tiwa kọ́kọ́ tẹ "Aṣọ fún ìnáwó yín" nítorí iṣẹ́ ọgọ́rin èèyàn yẹn, wọ́n bọ́ sí Ojúde Ọba, wọ́n sì dúró síbẹ̀. A kò yí àtò náà padà. A mú ìlà ẹlẹ́sẹẹsẹ láti 1.1 sí 2.1, a sọ ọ́ di bọ́tìnnì ńlá lókè ojú ewé: "Ṣé ẹgbẹ́ ni yín? Ẹ gba ibí." Nígbà tí a tún dán an wò lọ́dọ̀ èèyàn mẹ́ta mìíràn, gbogbo wọn dé ibẹ̀.

Ìdánwò yìí kò lè sọ bóyá àwòrán yín dára tàbí bóyá iye yín wọ́n. Bóyá èèyàn lè rí ọ̀nà nìkan ló ń sọ.

Ohun tí ẹ máa gbé fún ẹni tó ń kọ́ ìkànnì

Ẹ tún bébà náà kọ kó mọ́, pẹ̀lú nọ́ńbà, orúkọ, adírẹ́sì, ìbéèrè àti ìlà ẹlẹ́sẹẹsẹ. Bí ẹ bá ti ní ìkànnì tẹ́lẹ̀, ẹ ṣe bébà kejì: ẹ kọ gbogbo adírẹ́sì àtijọ́ sọ́wọ́ òsì, kí ẹ kọ èyí tuntun tó gba ipò rẹ̀ sọ́wọ́ ọ̀tún, kí ẹ sì ní kí ẹni tó ń kọ́ ìkànnì fi `301` darí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìyẹn àṣẹ tó ń gbé ẹni tó bá tẹ lìǹkì àtijọ́ lọ sí tuntun. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni tiwa lọ́wọ́ òsì. Mẹ́ta ìtàn yẹn lọ sí `/soobu-wa`. Ojú ewé tó ń jẹ́ Iṣẹ́ Wa lọ sí `/aso-ti-a-ti-ran`. Àwọn méje tó ṣófo, a wá òbí tó sún mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan jù, a kò darí gbogbo wọn sí ojú ewé àkọ́kọ́, torí ẹni tó tẹ lìǹkì àlàárì tó bá ara rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kò ní mọ ibi tó kàn.

Lọ́jọ́ tí ìkànnì tuntun jáde, ẹ̀gbọ́n mi jókòó sí ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú bébà kejì yẹn, ó ń tẹ àwọn lìǹkì àtijọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan lórí fóònù rẹ̀, ó ń fi pẹ́ńsùlù fa ìlà sí èyí tó bá ti dé ibi tó yẹ. Méjì kò dé. Ó pe ẹni tó kọ́ ọ, wọ́n sì tún un ṣe kí ilẹ̀ tó ṣú.